Iṣẹ́ Ìṣirò: Àyíká àti Ìwọ̀n Ojú Àwòrán Alápapọ̀

Sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, ọdún kejì. Ìṣẹ́jú 40. Máàkì 20. Lo π = 22/7.

Àyíká ni àpapọ̀ gígùn gbogbo etí ìta. Ìwọ̀n ojú ni bí ààyè inú àwòrán ṣe tó. Ya àwòrán kí o tó ṣírò. Máàkì kọ̀ọ̀kan wà fún un nínú ìbéèrè 1 sí 3.

Ìpele kìíní

1. Oko ewédú ìyá Bọ́lá gùn ní 12 m, ó fẹ̀ ní 5 m. Wá àyíká àti ìwọ̀n ojú rẹ̀. (3)

Ìpele kejì

2. Bàbá Sùnmọ́nù ní ilẹ̀ onígun mẹ́rin, 10 m ní 8 m. Ó gé igun kan níbẹ̀, 4 m ní 3 m, fún àbúrò rẹ̀ kí ó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù.
(a) Báwo ni ìwọ̀n ojú ilẹ̀ tó kù ṣe tó?
(b) Ó fẹ́ fi wáyà yí i ká. Mítà mélòó ni yóò rà?
(d) Ṣé wáyà yìí dín sí èyí tí ì bá rà kí ó tó gé ilẹ̀? Sọ ìdí rẹ̀. (6)

3. Pèpéle gbọ̀ngàn kan jẹ́ onígun mẹ́rin, 14 m ní 10 m. Ìdajì òbìrí so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ 14 m. Wá ìwọ̀n ojú àti àyíká gbogbo rẹ̀. (5)

Ìpele kẹta

4. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé kan fẹ̀ ní 8 m, ó ga ní 5 m. Onígun mẹ́ta tó gbé òrùlé wà lórí rẹ̀: ó ga ní 3 m, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 5 m. Fèrèsé 2 m ní 1.5 m wà nínú ògiri náà.
(a) Wá àyíká ògiri pẹ̀lú onígun mẹ́ta orí rẹ̀.
(b) Báwo ni ojú tí a ó kùn ṣe tó?
(d) Lítà ọ̀dà kan ń kun 7 m². Lítà mélòó ni a ó rà? (6)

Ìlànà máàkì (fún olùkọ́)

1. Àwòrán 1. 2(12 + 5) = 34 m: 1. 12 × 5 = 60 m²: 1.

2. Àwòrán 1.
(a) 80 − 12 = 68 m²: 2. Ẹni tó pín in sí méjì, 10 × 5 + 6 × 3, náà gbà á pé.
(b) 10 + 8 + 6 + 3 + 4 + 5 = 36 m: 2.
(d) Kò dín: 4 m àti 3 m tí a gé kúrò lára etí ni a tún rí nínú igun tuntun: 1. Ọ̀pọ̀ yóò yọ 14 m kúrò nínú 36 m, wọn óò sì kọ 22 m. Má fún wọn ní nǹkan kan nínú (b). Jẹ́ kí wọ́n fi ìka tẹ̀lé etí àwòrán wọn.

3. Àwòrán 1. 140 m²: 1. ½ × 22/7 × 7 × 7 = 77, àpapọ̀ 217 m²: 1. Etí tó yí jẹ́ 22 m; 10 + 14 + 10 + 22 = 56 m: 2. Ẹni tó kọ 70 m ti ka ìlà inú tí pèpéle àti ìdajì òbìrí jọ ní mọ́ ọn: fún un ní 1.

4. (a) 5 + 8 + 5 + 5 + 5 = 28 m: 2.
(b) 40 + 12 = 52: 2. 52 − 3 = 49 m²: 1.
(d) 49 ÷ 7 = lítà 7: 1. Bí (b) bá ṣì, tó sì fi 7 pín ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, fún un ní máàkì (d).

Ẹni tó bá gbàgbé m tàbí m², yọ máàkì 1 péré nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.