Ínsúlíìnì, Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Àtọ̀gbẹ: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ àrùn yìí, àtọ̀gbẹ, ti sọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí: ẹni tó ń ṣe é ń tọ̀, ó sì ń gbẹ. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà, àmọ́ wọ́n rí i pé ẹni náà ń tọ̀ ṣáá, pé ó ń joro bó tilẹ̀ ń jẹun, àti pé èèrà ń ṣù bo ibi tó bá tọ̀ sí. Ìdajì kejì ni kí a mọ ìdí tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún fún ṣúgà fi ń rù bí ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ. Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí kò ní máa há àwọn àmì àtọ̀gbẹ sórí, nítorí gbogbo wọn ló ti inú ìdáhùn náà wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ara tó dá ṣáṣá. Obìnrin kan tó ń ta wàrà ní ọjà Ìpàtà jẹ tùwó ní sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ dá tùwó náà sí wẹ́wẹ́ títí ó fi di gílúkóòsì, ìyẹn ṣúgà tí ara ń lò, èyí tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ikùn ni ẹ̀yà ara kan tí à ń pè ní pánkíríásì wà, inú rẹ̀ sì ni àwọn ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí Paul Langerhans ṣàpèjúwe ní ọdún 1869 wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà tó wà nínú ìdìpọ̀ wọ̀nyí ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà gbogbo. Bí ṣúgà bá ti ń gòkè, wọn a tú ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ínsúlíìnì fúnra rẹ̀ ló ń ru ṣúgà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí bí ọkọ̀ iṣu ṣe ń dé sí ọjà: ẹrù ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó pe àwọn alábàárù, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí. Nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan àti sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, àwọn purotéènì tí ń gbé ṣúgà wọlé dà bí alábàárù tó ń sinmi nínú ilé. Nígbà tí ínsúlíìnì bá kan sẹ́ẹ̀lì náà lára láti òde, àwọn alábàárù yìí a jáde wá sí ẹnu ọ̀nà, wọn a sì gbé ṣúgà wọlé. Ínsúlíìnì tún ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó dẹ́kun títú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, kó sì kó èyí tó pọ̀ jù pa mọ́ bíi gíláíkójìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ fún ọ̀rá pé kó má ṣe yọ́. Ọpọlọ kì í dúró de ínsúlíìnì kó tó gba ṣúgà tirẹ̀. Ẹ mú èyí dání, a ó padà sórí rẹ̀.

Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, tí oúnjẹ sààrì ti dà, ínsúlíìnì obìnrin wa a dín kù, gílúkágọ̀n tó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì álífà inú pánkíríásì wá a sì gòkè. Gílúkágọ̀n ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó ṣí àká. Ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi lè gba àwẹ̀ títí di ìgbà ìṣínu, tó ń tajà, tó ń ṣírò owó, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí láàárín 70 sí 99 mg/dL.

Nínú àtọ̀gbẹ irú kìíní, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń pa sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà run, tí kò fi sí ẹni tí yóò pe alábàárù mọ́. Nínú irú kejì, tó pọ̀ ju ti kìíní lọ fíìfíì, ínsúlíìnì wà, àmọ́ etí sẹ́ẹ̀lì ti di sí i. Pánkíríásì a máa tú púpọ̀ sí i láti borí èyí, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Oyún náà lè fa irú rẹ̀ mìíràn. Bí ṣúgà ẹni tí kò jẹun mọ́jú bá tó 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò mìíràn sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Wàyí o, ẹ tẹ̀lé ṣúgà tí kò rí ibi wọ̀. Nígbà tó bá kọjá nǹkan bíi 180 mg/dL, kíndìnrín kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà mọ́, ó sì ń bá ìtọ̀ lọ. Ṣúgà kì í dá lọ, ó ń fa omi tẹ̀lé ara rẹ̀. Nítorí náà ni aláìsàn fi ń tọ̀ ní òru, tí òùngbẹ fi ń gbẹ ẹ́, tó ń mu omi láìsinmi. Ní àkókò kan náà, ebi ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀. Ẹ̀dọ̀ tí kò gbọ́ ohùn ínsúlíìnì rò pé àwẹ̀ ni ara ń gbà, ó sì ń tú ṣúgà mìíràn sórí èyí tó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Ẹran ara ń jó, ọ̀rá ń yọ́. Bí ọ̀rá bá yọ́ láìsí ínsúlíìnì tó ń kó o níjàánu, ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di kítóònù, èyí tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan.

Mo rí ọmọbìnrin kan bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 14 ni, ìlú kan lẹ́bàá Ọ̀ffà ni wọ́n ti gbé e wá. Ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ lọ ti tọ́jú ibà, wọ́n sì ti fa omi tó ní ṣúgà sí i lára láìwọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń mí jinlẹ̀jinlẹ̀, ó ń mí kíákíá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ní nǹkan kan: ara ló ń gbìyànjú láti fi èémí lé kíkan náà jáde. Èémí rẹ̀ ń ta sánsán bí èso tó pọ́n kọjá. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà ti mu odidi kẹ́ẹ̀gì omi tán láti àná. Gbólóhùn ìyá yẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ni wọ́n ti fi ṣòfò.

Nínú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí i pé dókítà ń béèrè iye potasíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ínsúlíìnì. Ìdí rẹ̀ ni pé ínsúlíìnì ń ti potasíọ̀mù wọ inú sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú. Bí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bá ti kéré tẹ́lẹ̀, ìlù ọkàn lè dàrú, kó sì pa aláìsàn.

Ṣúgà tó bá ga fún ọ̀pọ̀ ọdún a máa ba ojú, kíndìnrín, iṣan ara tí ń gbé ìmọ̀lára àti òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ máa bọ́ bàtà aláìsàn yín kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, àti àárín ọmọ ìka, nítorí ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ lè ní egbò tí ẹni tó ni ín kò mọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ gún ènìyàn ní ínsúlíìnì ní Toronto ní oṣù kìíní ọdún 1922, ó ti gba ẹ̀mí là kọjá kíkà. Síbẹ̀, ìṣọ́ra ni a fi ń lò ó, nítorí ọpọlọ tí mo ní kí ẹ mú dání: kò ní àká tirẹ̀ tó tó nǹkan, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ló ń jẹ. Bí ṣúgà bá já wá sísàlẹ̀ 70 mg/dL, aláìsàn lè máa làágùn, kó máa gbọ̀n, kí àyà rẹ̀ máa já, kó máa sọ̀rọ̀ tí kò bá ara mu. Bó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣúgà bíi 15 gírámù nínú omi, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá mọ ara mọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu; ẹ pe dókítà, inú òpó ẹ̀jẹ̀ ni a ó gbà fún un ní ṣúgà.

Nítorí náà, ní wọ́ọ̀dù láràárọ̀, kí ẹ tó gún aláìsàn ní ínsúlíìnì tó ń tètè ṣiṣẹ́, ẹ wo orí tábìlì rẹ̀ bóyá ẹ̀kọ àti àkàrà rẹ̀ ti dé. Bí ẹbí rẹ̀ bá ní àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà láti Òmù-Àrán, ẹ fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà.