Kílò mélòó ló rà? Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn àgbẹ̀ káṣú ní Kàbà

(Ohun tó wà lórí tábìlì: àpò jútù kan tó kún, òṣùwọ̀n oníbátìrì, àwo mẹ́ta tí a fi aṣọ bò, ọ̀bẹ ìlakáṣú. Ẹni tó ń darí ètò ti kí àwọn ọba àti olóyè tán, má tún oyè wọn kà. Dúró sí iwájú tábìlì, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ wà ní títàn kó o tó gun orí pèpéle. Bí iná bá lọ, gbóhùn sókè, kó o máa bá ọ̀rọ̀ lọ.)

[0:00]

Okun o, ẹ̀yin ará Kàbà àti Bùnú. Okun o, Ìjùmú. Okun o, Mọ̀pà, Yàgbà.

(Gbé ọwọ́ lé àpò.)

Àpò káṣú nìyí. A wọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ yín ló rí i: ọgọ́rin kílò géérégé. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹni tó bá ra àpò yìí, kílò mélòó ló rà?

(Dákẹ́. Ka ení, èjì, dé àrún nínú ọkàn rẹ. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní “ọgọ́rin”. Bí ẹnì kan bá dá nọ́ńbà mìíràn, tún un sọ sókè, má sọ pé ó gbà tàbí ó ṣì í.)

Ẹni tó bá ní ọgọ́rin ni, kó nawọ́. Ẹ jẹ́ kọ́wọ́ ṣì wà lókè.

[0:30]

Kílò kan la bù nínú àpò yìí láàárọ̀, a la kóró rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

(Ṣí àwo kìíní.)

Èèpo rèé, pẹ̀lú èyí tó ti jẹrà. Ó kún àwo.

(Ṣí àwo kejì, gbé ohun inú rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó wà níwájú ni kó ka nọ́ńbà náà, kì í ṣe ìwọ.)

Ọmọ inú tó dára: 260 gíráàmù. Èyí tó ní àbàwọ́n wà nínú àwo kẹta, 20 gíráàmù, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Àpapọ̀, 270. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà ọgọ́rin: kílò mọ́kànlélógún àti àbọ̀, ó lé díẹ̀. Ohun tí ó rà nìyẹn. Kílò méjìdínlọ́gọ́ta tó kù, ẹ bá a rù ú ni.

[1:05]

Ẹni tó ń rà á mọ nọ́ńbà yìí kó tó dá iye tí yóò san. Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ tà lẹ́nu ìgbà káṣú tó kọjá, ta ló mọ ti àpò tirẹ̀?

(Dúró. Àwọn ọwọ́ tó wà lókè á máa wálẹ̀. Má fi ọ̀rọ̀ kún un.)

Mo mọ̀ pé ẹ ti jókòó nínú irú gbọ̀ngàn yìí rí. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù, wọ́n ya fọ́tò, ẹ lọ sílé. Mi ò mú fọ́ọ̀mù wá. Mi ò sì ní bá yín jiyàn bẹ́ ẹ bá ní àwọn ẹ̀jẹ́ńtì ń yàn yín jẹ. Ọ̀bẹ, òṣùwọ̀n, àti ìṣirò ìlà kan ni mo mú wá.

[1:30. Rìn lọ síbi pátákó. Láti ibí, ohùn lè wálẹ̀ díẹ̀.]

Ìlà náà nìyí, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fóònù yín:

```
KOR = (dára + àbàwọ́n ÷ 2) × 0.1764
```

KOR ni wọ́n ń kọ sínú ìwé wọn. Iye pọ́ùn ọmọ inú tó lè jáde nínú àpò ọgọ́rin kílò ni. Pọ́ùn kan jẹ́ gíráàmù 453.6, ibẹ̀ ni 0.1764 ti wá: 80 pín sí 453.6. Gíráàmù inú kílò kan tẹ́ ẹ là ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò “dára” àti “àbàwọ́n”. Ti àpò tiwa: 270 lọ́nà 0.1764, pọ́ùn 47.6.

Ẹ wo àpò mìíràn tó wọn ọgọ́rin kílò bákan náà. Tó dára 230, tó ní àbàwọ́n 30. Ìyẹn jẹ́ 245, pọ́ùn 43.2. Lójú, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ àpò méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá kó wọn dé tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ fi kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọmọ inú ju ti kejì lọ. Bí iye kan náà ni wọ́n san fún méjèèjì, ẹni tó ni àpò àkọ́kọ́ ló fi owó tirẹ̀ bo àbùkù èkejì. (Òróró tó wà nínú èèpo náà lówó lórí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n ń wò tí wọ́n bá ń dá iye.)

(Ibí ni ẹnì kan ti sábà máa ń dìde pé, “Kí ló kan àwa pẹ̀lú ìṣirò àwọn ará Vietnam?” Jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Èsì:)

Ẹ ṣeun, bàbá. Ọ̀pọ̀ káṣú ilẹ̀ wa, Vietnam àti India ni wọ́n ti ń fọ́ ọ. Iye tí wọ́n bá fún un níbẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu oko. Ẹ̀jẹ́ńtì tó wá sí Ìyàrà ti ṣírò tirẹ̀ lórí nọ́ńbà tó kéré jù, kó má baà jìn sí kòtò. Bẹ́ ẹ bá fi tiyín hàn án, ó di dandan kó mú ọ̀bẹ jáde, kẹ́ ẹ jọ là á.

Ibo wá ni 260 ti ń di 230? Lórí igi ni, ọ̀pọ̀ ìgbà. Kóró tí a fi ọ̀pá lù wálẹ̀ kò tíì gbó, ọmọ inú rẹ̀ á rún. Èyí tó já fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣà. Ẹ yọ ọ́ lára èso lọ́jọ́ náà gan-an, torí omi èso ló ń kó àbàwọ́n bá a. Sísá sóòrùn gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lórí símẹ́ǹtì tàbí tapólínì, kẹ́ ẹ máa yí i, kẹ́ ẹ sì bò ó lálẹ́ nítorí ìrì. Bó bá gbẹ dáadáa, èékánná kò ní lè tẹ èèpo rẹ̀ wọnú, ẹ ó sì gbọ́ tí ọmọ inú ń mì bẹ́ ẹ bá jù ú lọ́wọ́.

Àpò ajílẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí jù. Ó wà nílé gbogbo wa, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń làágùn, káṣú á sì bu. Ẹni tó sá káṣú fọ́jọ́ mẹ́ta tó wá dì í sínú rẹ̀ ti da iṣẹ́ ara rẹ̀ nù. Jútù ni kẹ́ ẹ lò, lórí pákó, kó má fara kan ògiri.

(Mú ọ̀bẹ. Na èèkù rẹ̀ sí àwọn tó jókòó.)

Ẹni méjì ni mo fẹ́ lórí pèpéle báyìí: àgbẹ̀ kan tó mú káṣú tirẹ̀ wá, àti ẹni kan tó ń rà. Ẹ fa kóró jáde láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò, kẹ́ ẹ pò ó, kẹ́ ẹ wọn kílò kan. Kí oníkálukú kọ iye pọ́ùn tó rò pé yóò jáde sínú bébà, kó ká a, kó fi lé ìyá tó wà níwájú yìí lọ́wọ́. Ó yá, ta ló ń bọ̀?