Lórí àkòrí àpilẹ̀kọ rẹ

Ẹ̀ka Èdè Yorùbá,
Òǹdó.
17 oṣù Kejì, 2025.

Fọláṣadé ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ojú ìwé 3 tí o fi sílẹ̀ lórí tábìlì mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á. Mi ò ní lè fọwọ́ sí àkòrí náà. Mo tètè sọ ọ́ kí o má baà máa já láyà ka ìyókù lẹ́tà yìí.

"Ipa Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìgbàlódé lórí Èdè àti Àṣà Yorùbá." Ẹ̀rọ wo nínú ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ẹ̀rọ ìgbàlódé ni nígbà tirẹ̀. Rédíò ńkọ́? Fóònù ńkọ́? Èdè Yorùbá wo sì ni, ti Ọ̀yọ́ ni, ti Ìlàjẹ ni, àbí ti àwọn ará wa ní Kétu lọ́hùn-ún? Nígbà tí o wá fi àṣà lé e, mo rẹ́rìn-ín. Oko tí o là sílẹ̀ yìí, gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí ò lè ro ó tán, ká tó wá sọ ti ìwọ nìkan pẹ̀lú oṣù mẹ́rin. Ohun tí o máa kọ níkẹyìn ni pé ẹ̀rọ ní àǹfààní, ó sì ní àléébù. Ta ni kò mọ ìyẹn?

Má bínú. "Òwe Yorùbá" lásán ni èmi náà gbé lọ bá olùkọ́ mi nígbà tèmi. Ó fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìwọ ṣì rí lẹ́tà gbà.

Ohun tó dùn mọ́ mi wà ní ojú ìwé kẹta, níbi tí o ti sọ pé ìyá rẹ àgbà ní òun ò gbọ́ Yorùbá tí ẹ̀yin ọmọ ń sọ nínú fóònù. Ibẹ̀ ni àpilẹ̀kọ rẹ wà, o kàn gbà á kọjá ni. Ẹ̀ka-èdè Òǹdó máa ń fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ, Yorùbá àjùmọ̀lò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. O lè pe àkòrí rẹ ní "Fáwẹ̀lì 'u' ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ nínú ohùn tí àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Lísà ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù". Wá ọ̀dọ́ 10 àti àgbàlagbà 10, kí o gba ohùn márùn-ún lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí o kà á: ẹ̀ẹ̀melòó ni "u" jáde, ẹ̀ẹ̀melòó ni "i" gba ipò rẹ̀, ta ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀ nígbà náà? Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lè má sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n gba àṣẹ lẹ́nu olóhùn kí o tó gbọ́ ohunkóhun, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà.

Bí ìyẹn kò bá wù ọ́, wo àmì ohùn: "Àìfi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ẹgbẹ́ akọrin kan ní Òǹdó". Láti ìgbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní 1974 la ti ń pariwo àmì, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń ka ara wọn yé láìsí i. Báwo? Bí ẹnì kan bá kọ "Oko wa n bo lola", ṣé ọkọ wa ni àbí ọkọ̀ wa? Àtẹ̀jíṣẹ́ 200 ti tó. Ẹ̀rù tí ń bà mí ni pé ó rọrùn láti kó jọ, ọ̀lẹ lè wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta wà ní Akúrẹ́: "Èdè ìpolówó inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn alágbo ní Ọjà Ọba". Wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń polówó. Ta ni ó wá ń dáhùn bí oníbàárà bá fèsì? Fi wé alágbo tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ polówó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ro owó mọ́tò lọ-bọ̀.

Bó bá jẹ́ tèmi, ti Òkè-Lísà ni, torí pé ìwọ lo gbọ́ èdè yẹn láti kékeré. Yan ọ̀kan, kọ ojú ìwé kan péré: àkòrí, iye ènìyàn, ìbéèrè kan. Mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì, 28 oṣù yìí, kí aago 10 tó lù. Mo ní kíláàsì lẹ́yìn ìyẹn.

Èmi ni alábòójútó rẹ,
Ìyáàfin B. A. Akíntọ́lá