Lẹ́tà Mẹ́ta Lára Pátákó

Ẹ̀yìn fọ́tò náà ni Bísí kọ́kọ́ bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tí gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ìkánjú ló fi fà á, igun kan sì ya lọ pẹ̀lú ohun tí Màmá Àgbà fi bírò kọ síbẹ̀. "1958" nìkan ló ṣẹ́ kù. Ìyẹn gan-an ò hàn, àfi ìgbà tó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́ tó wá rí ojú ibi tí bírò ti tẹ̀ wọnú.

Iwájú rẹ̀ ti ṣá, ó pọ́n bí ògì bàbà. Màmá dúró ní tésàn rélùweè, wọ́n fi ìborùn bo ọwọ́ òsì, orí wọn sì bo pátákó tó wà lẹ́yìn. Nínú yàrá rẹ̀ ní Pẹ́kámù, ní Lọ́ńdọ̀nù, Bísí fi ẹ̀rọ ya fọ́tò náà sí kọ̀ǹpútà ní 1200 dpi. Ó yọ àwọ̀ pupa àti ti ewé kúrò, ó ku búlúù, torí inú búlúù ni fọ́tò tó ti pọ́n ti máa ń dúdú dáadáa. Lẹ́tà mẹ́ta yọ: UKU.

Èyí ò jọ Ọ̀fà rárá. Bẹ́ẹ̀ Ọ̀fà ni gbogbo ilé gbà pé àwọn ti wá, torí "ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà" ni Màmá fi ń kì í láàárọ̀.

Ó gbé e lọ bá Ìyá Ìbejì tó ń ta èlùbọ́.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí."

Ìyá Ìbejì nu ọwọ́. "Ta ló ní oríkì ni àdírẹ́sì? Orílẹ̀ lò ń kà yẹn. Ọmọ Ọlọ́fà pọ̀ káàkiri ìlú. Ka tésàn fún mi, láti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà."

Bísí ṣí máàpù. "Ìkìrun…"

"Lẹ́yìn Ìkìrun ńkọ́?"

"Òkukù."

"Ẹn-ẹ́n. Àbúrò mi ń ṣe tíṣà n'Íkìrun, á bá ọ gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n má sọ orúkọ Màmá rẹ fún ẹnikẹ́ni o! Tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ, gbogbo agboolé ló máa di ẹbí rẹ."

Agboolé àkọ́kọ́ ní àwọn ló ni Màmá, àwọn a máa kọ àbàjà. Pélé ló wà lójú fọ́tò. Tíṣà kọjá síwájú.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ohùn arúgbó kan wọlé lórí Wọ́sáàpù:

"Àṣàkẹ́ rèé! Ẹ bi ọmọ náà, ṣé àpá ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀? Èmi ni mo da epo gbígbóná sí i, níbi tá a ti ń dín àkàrà. Ó bínú sí mi títí ó fi lọ."

Bísí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì, ó pa á rẹ́, ó wá gbé fóònù sẹ́nu.

"Ẹ sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀, mà, títí a fi sin wọ́n."