Àbọ̀ kíka ọjà ìsọ̀ Alájà ní Bódìjà, láti inú fọ́tò ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2025

Alájà, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí, á sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tètè gbádùn.

Ẹ ní kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà iye owó ni màá kọ́kọ́ sọ. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án tẹ́ ẹ fúnra yín ka ọjà kẹ́ ẹ tó lọ sí Abẹ́òkúta, ọjà tó dín nínú ìsọ̀ tó ₦60,230, ó kéré tán. Tí mo bá ka gbogbo ibi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò sí àdánù, ó di ₦74,630. Iye tẹ́ ẹ ra ọjà ni mo fi ṣírò o, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ ń tà á. Mílíkì agolo nìkan ló kó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí mo kọ nípa mílíkì yẹn tán kẹ́ ẹ tó pe ọmọ tó ń bá yín tajà.

Fọ́tò 17 ló wọlé sórí Wáàsáàpù mi. Ọmọ ìsọ̀ ló ya 14 láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo wò ó, mo rí i pé iwájú nìkan ni gbogbo wọn kọjú sí, ni mo bá ní kí ọmọ yín ọkùnrin dé ibẹ̀, kó ya mẹ́ta láti ẹ̀gbẹ́, kó sì tan iná fóònù. Mẹ́ta yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Mo tún gba fọ́tò ojú ìwé tí wọ́n ń kọ ọjà títà sí, àti rìsíìtì márùn-ún tẹ́ ẹ fi ra ọjà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí.

Ìṣirò náà kò ní awo nínú. Mo mú ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ 28, mo fi èyí tẹ́ ẹ rà kún un, mo yọ èyí tí ìwé sọ pé wọ́n tà, ohun tó ṣẹ́ kù ló yẹ kí ojú rí. Èyí tí mi ò rí, mi ò kà á. Níbi tí òkùnkùn bá wà, iye méjì ni màá kọ.

| Ọjà | Ó yẹ kó kù | Mo kà | Ó dín | Owó rẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Mílíkì agolo | 98 | 46 sí 50 | 48 sí 52 | ₦43,200 sí ₦46,800 |
| Indómì kékeré | 159 | 103 sí 143 | 16 sí 56 | ₦3,680 sí ₦12,880 |
| Tòmátì ọlọ́ràá | 46 | 28 sí 36 | 10 sí 18 | ₦2,000 sí ₦3,600 |
| Òróró, ìgò | 25 | 22 | 3 | ₦6,300 |
| Ìrẹsì, kóńgò | 42 | 40 | 2 | ₦3,750 |
| Sadíìnì | 39 | 38 | 1 | ₦1,300 |
| Sùpàgẹ́tì | 33 | 41 | ó lé 8 | |

Ọṣẹ, àbẹ́là, ìṣáná àti tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá ìwé mu, tàbí kí ó fi ọ̀kan ṣoṣo yàtọ̀. Mi ò ní fi wọ́n gba àkókò yín.

Ó wá ku mílíkì. Tẹ́ ẹ bá wo fọ́tò kẹrin, ẹ̀ẹ́ ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Agolo mẹ́sàn-án ló tò ní ìbú, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n gun ara wọn, ìyẹn 27 níwájú. Ṣẹ́ẹ́fù yẹn gba ìlà mẹ́rin sẹ́yìn, nítorí náà ẹni tó bá dúró sí ẹnu káńtà á rò pé 108 ló wà níbẹ̀, á sì ní ọjà pé. Ìwé ní 98. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Fọ́tò kẹẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, ló tú àṣírí. Lẹ́yìn ìlà iwájú, agolo 13 péré ló kù, wọn ò tilẹ̀ tò dáadáa. Lẹ́yìn wọn, páálí Indómì tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ ni wọ́n nà ró. Mẹ́fà tún wà lórí káńtà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 46. Igun apá òsì nísàlẹ̀ ṣókùnkùn, agolo mẹ́rin lè wà níbẹ̀, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ẹsẹ̀ pákó hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Mo mọ ohun tí páálí yẹn máa mú wá sọ́kàn yín. Èmi náà kọ́kọ́ rò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ìsọ̀ ló máa ń fi páálí ti ọjà kó má baà yẹ̀ sẹ́yìn, kí iwájú lè kún lójú oníbàárà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ pé kí iwájú ṣẹ́ẹ́fù má ṣófo.

Ohun tó dá mi dúró ni iye tó dín. Páálí mílíkì kan jẹ́ agolo 48, ohun tó sì dín jẹ́ 48 sí 52. Olè tó ń mú ọ̀kan lónìí, méjì lọ́la, kì í sábà dúró sí iye páálí kan gééré. Ni mo bá padà sórí rìsíìtì. Èyí tí wọ́n kọ fún yín ní Agbeni lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹwàá ní mílíkì páálí méjì. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ọmọ yín ya fọ́tò ẹrù nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀yin náà lẹ fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo béèrè. Mo ka páálí inú kẹ̀kẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Indómì mẹ́ta, sùpàgẹ́tì méjì, tòmátì kan, mílíkì kan. Gbogbo ọjà yòókù tó wà nínú rìsíìtì ló pé nínú fọ́tò; mílíkì kejì nìkan ni mi ò rí.

Ó lè wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó wa kẹ̀kẹ́, tí fọ́tò ò mú un. Ó sì lè jẹ́ pé kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á rárá. Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé páálí yẹn kò dé, mílíkì tó dín nínú ìsọ̀ kò ju mẹ́rin lọ, ó sì lè má dín rárá, gbogbo àdánù yóò sì wálẹ̀ sí ₦17,030 sí ₦31,430. Ẹ pe oníbàárà yín ní Agbeni lọ́la, pẹ̀lú sùúrù, kí wọ́n wo ìwé ti ọ̀dọ̀ wọn.

Ti Indómì lọ báyìí. Mẹ́tàlélógún ló wà ní títú lórí ṣẹ́ẹ́fù, páálí mẹ́ta sì wà nílẹ̀ lábẹ́ káńtà, ogójì-ogójì. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kún, 143 ni. Sẹ́lótéèpù méjì nínú wọn jẹ́ èyí tó bá páálí wá láti ilé iṣẹ́. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá funfun, ó sì wọ́. Ẹnì kan ti ṣí i rí, ó tún un lẹ̀. Bóyá wọ́n kó ìṣẹ́kù sínú rẹ̀ ni, bóyá òfìfo ni, fọ́tò ò lè sọ. Kí ọmọ yín fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀, á mọ̀.

Àlékún sùpàgẹ́tì mẹ́jọ ń dùn mọ́ àwọn kan, èmi kì í fẹ́ràn rẹ̀, torí ọjà kì í bímọ lórí ṣẹ́ẹ́fù. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n kọ títà kan síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Nínú ìwé, mo rí ibi mọ́kànlá tí wọ́n ti kọ “pàkéètì 1” láìsọ pàkéètì kí ni. Èmi ni mo kà wọ́n sí sùpàgẹ́tì. Ó ṣeé ṣe kí mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ Indómì, tí Indómì tó dín yóò fi di mẹ́jọ péré, bí páálí ìsàlẹ̀ yẹn bá kún. Ìwé kì í kọ owó ọjà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ọjọ́ nìkan ló ń kọ, nítorí náà mi ò lè fi owó mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì yọ ọ́ kúrò nínú àdánù.

Ìrẹsì kò kó ìdààmú bá mi. Àpò kan wà tí wọn ò tíì ṣí, ìyẹn kóńgò 32 bẹ́ ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n, èyí tí wọ́n ṣí sì kù bí ìdá mẹ́rin. Kóńgò méjì tó dín nínú 160, èènì ló gbé e lọ. Ẹ̀yin gan-an tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ọwọ́ yín ì bá lawọ́ jù bẹ́ẹ̀. Òróró ńkọ́? Ojú òróró nínú kẹ́ẹ̀gì ni mo fi díwọ̀n rẹ̀, ó wà ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìgò 22. Ìgò kan sókè tàbí sísàlẹ̀ lè jẹ́ àṣìṣe ojú mi. Mo sì rí ilẹ̀ tó ń dán lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì náà, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìdérí rẹ̀ wò.

Ohun kan tún wà tẹ́ ẹ ò ní kí n wò. Nínú fọ́tò kọkànlá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn hàn díẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́rìnlá síbẹ̀, ní ìsọ̀rí mẹ́ta, lẹ́tà kan ṣoṣo lórí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, àwìn ni. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ nínú ìwé. Ọjà àwìn tí wọn kò kọ sílẹ̀ yóò máa hàn bí ọjà tó sọnù, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ aládùúgbò. Tòmátì tó dín, mo fura pé ibẹ̀ ló wà. Ẹ bi ọmọ náà ní pẹ̀lẹ́tù ta ló ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn àti kí ni ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹnì kan tó fi rágì nu ilẹ̀kùn.

Mi ò ka móòtì inú fíríìjì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì nígbà tí wọ́n ya fọ́tò, omi sì bo gíláàsì, òjìji agolo nìkan ni mo ń rí. Ìwé ní ó yẹ kó kù 37. Iye yẹn kò sí nínú owó tí mo kọ sókè.

Àwọn fọ́tò tí mo tún ń fẹ́: fíríìjì ní ṣíṣí, inú páálí Indómì ìsàlẹ̀, igun mílíkì apá òsì pẹ̀lú iná fóònù, àti gbogbo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá lè yà wọ́n kí ọjà tó gbóná láàárọ̀ ọ̀la, màá fi iye tuntun ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó kírun Ìrọ̀lẹ́.