Bí A Ṣe Ń Ṣírò Pọ́síṣọ̀n Ọmọ Yín: Lẹ́tà sí Àwọn Òbí Praimárì 5A

Ṣágámù-Rẹ́mọ,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Oṣù Keje, 2025.

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ripọ́ọ̀tì káàdì sáà kẹta ló wà nínú àpòòwé tí ọmọ yín mú wálé yìí, mo sì fi lẹ́tà yìí tì í torí pé gbogbo ìgbà tá a bá ti pín káàdì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí ní géètì àti lórí fóònù: "Áńtí, kí ló dé tí ọmọ mi fi gba ipò kẹjọ, ṣebí ipò kejì ló gbà ní sáà tó kọjá?" Ìbéèrè tó yẹ ni, ẹni tó ń sanwó ilé-ìwé gbọ́dọ̀ mọ bí nọ́ńbà tó wà lórí káàdì ṣe débẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo ṣe fẹ́ tú u palẹ̀ fún yín pátá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí máàkì. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, 100 ni. Tẹ́ẹ̀sì kíní 20, tẹ́ẹ̀sì kejì 20, ìdánwò ìparí sáà 60. Ká ní ọmọ kan gba 14 nínú tẹ́ẹ̀sì kíní Ìṣirò, ó gba 16 nínú ìkejì, ó wá gba 43 nínú ìdánwò, 73 ni tiẹ̀ nínú Ìṣirò nìyẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí tẹ́ẹ̀sì yìí dáadáa o, torí ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé kò jẹ́ nǹkankan, ìgbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n tó ń gba tẹlifísàn lọ́wọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ 40 nínú 100 ti parí kí ìwé ìdánwò tó jáde rárá. Ní sáà yìí àwọn ọmọ kan tẹ̀lé àwọn ará ilé lọ Ìjẹ̀bú-Òde fún Iléyá àti Ojúde Ọba, inú mi dùn sí i, àṣà wa ni, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, àmọ́ àwọn mìíì ò padà títí tí tẹ́ẹ̀sì kejì fi kọjá. Àwọn tí òbí wọn ti sọ fún wa ṣáájú, a fún wọn ní tẹ́ẹ̀sì tiwọn nígbà tí wọ́n dé. Àwọn tí a ò gbúròó wọn rárá, òdo ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó pàdánù 20 nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, 60 ti kúrò nínú tọ́tà ẹ̀, àfẹ́réèjì ẹ̀ sì ti fi 5 lọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé bírò fún ìdánwò.

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì 12 ni Praimárì 5 ń ṣe. Ọmọ Kírísítẹ́nì ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọmọ Mùsùlùmí ń ṣe ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, kò sẹ́ni tó ń ṣe méjèèjì, torí náà iye tí gbogbo wọn ń ṣe dọ́gba. Tí tíṣà kọ̀ọ̀kan bá ti máàkì tiẹ̀ tán, a ó kó gbogbo ẹ̀ sínú ìwé gbàràmù kan tí à ń pè ní bróòdṣíìtì, orúkọ àwọn ọmọ wà lápá òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, sọ́bújẹ́ẹ̀tì wà lókè, kálukú wá ní ìlà tiẹ̀. A ó ro máàkì ọmọ kan pọ̀ lórí ìlà ẹ̀, ìyẹn ni tọ́tà, 1,200 ló sì pọ̀ jù tí ọmọ lè gbà. A ó wá fi 12 pín tọ́tà yẹn, ìyẹn ni àfẹ́réèjì. Tọ́tà 978 fi 12 pín, 81.50 nìyẹn.

Bàbá kan bi mí pé kí la tún ń pín sí nígbà tó jẹ́ pé tọ́tà nìkan ti tó láti fi mọ ẹni tó ṣíwájú. Fún kíláàsì tiwa ní sáà kan ṣoṣo, òótọ́ ni, èsì kan náà ló máa gbé jáde. Àmọ́ tí wọ́n bá dé sẹ́kọ́ńdìrì, tí ọmọ kan ń ṣe sọ́bújẹ́ẹ̀tì 9 tí èkejì ń ṣe 10, tọ́tà ò ní sọ òótọ́ mọ́. Ẹni tó gba 720 nínú 9, 80 ni àfẹ́réèjì ẹ̀, ẹni tó gba 750 nínú 10, 75 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣòwò obì ní Ṣágámù níbí mọ̀ ọ́n, èèyàn kì í fi owó apẹ̀rẹ̀ kan wé òmíì láìka iye obì tó wà nínú wọn.

Lẹ́yìn àfẹ́réèjì ni pọ́síṣọ̀n. A ó to àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó wà ní 5A láti orí ẹni tí àfẹ́réèjì ẹ̀ ga jù wá sílẹ̀. 5B ò sí nínú ẹ̀, tiwọn yàtọ̀, kẹ́ ẹ má baà gbọ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní 5B náà gba ipò kẹta kẹ́ ẹ rò pé a fi ipò kan náà fún ẹni méjì.

Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì kan náà, ẹni méjì lè gba ipò kan. Ó ṣẹlẹ̀ ní sáà yìí. Ẹni kíní gba tọ́tà 1,046, àfẹ́réèjì 87.17. Ẹni kejì gba 1,031, ìyẹn 85.92. Àwọn méjì wá gba 1,008 géérégé, 84.00, àwọn méjèèjì ló ṣe ipò kẹta. Ẹni tó tẹ̀lé wọn gba 1,003, 83.58, ipò karùn-ún la kọ fún un. Kò sí ipò kẹrin rárá, a ò fi pamọ́, a ò sì fi du ẹnikẹ́ni, ẹni mẹ́rin ló wà níwájú ọmọ yẹn, òun ló ṣe karùn-ún. Ẹ sì tún wò ó, láàárín ipò kẹta àti ìkarùn-ún, máàkì márùn-ún péré ni nínú 1,200! Márùn-ún! Ọmọ tó bá gbàgbé ìbéèrè kan lẹ́yìn ìwé ìdánwò lè pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òbí tó bá na ọmọ torí pé ó ti ipò kẹta bọ́ sí ìkarùn-ún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ wo àfẹ́réèjì ná.

Ẹ máa rí i pé a fi nọ́ńbà méjì sẹ́yìn ojúàmì àfẹ́réèjì. Ó nídìí. Tọ́tà 1,005 jẹ́ 83.75, tọ́tà 1,006 jẹ́ 83.83. Tá a bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀, 83.8 làwọn méjèèjì máa jẹ́ lórí káàdì, òbí á wá máa bínú pé kí ló dé tí ipò wọn fi yàtọ̀.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú yín ti ní kí n fi fọ́múlà tá a lò hàn. Òun nìyí, fún ọmọ tó wà lókè pátápátá, tọ́tà, àfẹ́réèjì, pọ́síṣọ̀n:

```
=SUM(C5:N5)
=O5/12
=RANK(P5,P$5:P$38)
```

A ò lo AVERAGE torí pé kì í ka ibi tó bá ṣófo. Ọmọ tí kò wá rárá fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan, tá a bá fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kọ̀ǹpútà á fi 11 pín tiẹ̀ dípò 12, àfẹ́réèjì ẹ̀ á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní dáa fún ẹni tó jókòó ṣe gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òdo lórí káàdì, ohun tó fà á nìyẹn. Ọmọ tó ṣàìsàn tí ẹ mú ìwé dókítà ẹ̀ wá, òun máa ń ṣe ìdánwò tiẹ̀ nígbà tára ẹ̀ bá yá, kì í gba òdo.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ipò kejì bọ́ sí ìkẹjọ, torí òun ló ń dùn yín jù. Ọmọ kan wà nínú kíláàsì mi, ní sáà kejì tọ́tà ẹ̀ jẹ́ 939, àfẹ́réèjì 78.25, ó ṣe ipò kejì. Sáà yìí ó gba 978, 81.50, ó ṣe ìkẹjọ. Ọmọ yẹn fi máàkì 39 lé sí ti tẹ́lẹ̀ o! Òun ò padà sẹ́yìn, àwọn ẹlòmíì ló sáré ju bí wọ́n ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ. Òdìkejì ẹ̀ náà máa ń ṣẹlẹ̀, ìdánwò le, gbogbo kíláàsì lọ sílẹ̀, ọmọ tí àfẹ́réèjì ẹ̀ já wálẹ̀ á sì tún gòkè nípò, òbí á máa jó. Ipò ń sọ iye ẹni tó wà níwájú ọmọ yín. Àfẹ́réèjì ló ń sọ ohun tí òun fúnra ẹ̀ mọ̀. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà kan lẹ máa wò lórí káàdì yẹn, ẹ wo àfẹ́réèjì, kẹ́ ẹ fi wé ti sáà tó kọjá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ wo sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó fà á wálẹ̀. Pọ́síṣọ̀n sọ́bújẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọ lè ṣe kíní nínú Ìṣirò kó sì ṣe ìkọkànlá nínú gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ torí Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ń dà á láàmú.

Torí pé sáà kẹta nìyí, pọ́síṣọ̀n méjì lẹ máa bá lórí káàdì, ti sáà yìí nìkan àti ti ọdún. Ti ọdún, àfẹ́réèjì sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rò pọ̀ tá a fi 3 pín. Ẹ wo ọmọ méjì yìí: ọ̀kan gba 72.50, ó gba 78.00, sáà yìí ó gba 83.00, 77.83 ni tọdún ẹ̀. Èkejì gba 84.00, 80.00, ó wá já sí 74.00, 79.33 ni tiẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ ló ṣe dáadáa jù ní sáà yìí, àmọ́ èkejì ló wà níwájú fún ọdún. Èmi tí mò ń kọ́ wọn, ọmọ tó ń já bọ́ yẹn ló ń kọ mí lóminú, ipò rere tó wà lórí káàdì ẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n tètè rí i nílé. Ẹ̀yin tọ́mọ yín bá rí báyìí, ẹ pè mí. Ọmọ tó wọlé sọ́dọ̀ wa ní sáà kejì, 2 la fi pín tiẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rò pé a ro ohun kan tì, ẹ gbé kálukúlétọ̀ fóònù yín, ẹ ro sọ́bújẹ́ẹ̀tì méjèèjìlá pọ̀, ẹ fi 12 pín. Tí kò bá bá ti káàdì mu, ẹ mú káàdì yẹn wá. Tíṣà méjì la máa ń yẹ bróòdṣíìtì wò, ọ̀kan á máa kà, ìkejì á máa fi bírò pupa tẹ̀lé e, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá mú nǹkan wá, a ó ṣí ìwé ìdánwò ọmọ yín fún yín kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ti ọmọ tiyín nìkan ṣá o, a ò lè fi máàkì ọmọ ọlọ́mọ hàn yín, ẹ má bínú.

Mo wà ní ọ́fíìsì láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án sí aago kan. Tí ọjà ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè wá, ẹ rán ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà wá, kẹ́ ẹ ṣáà kọ nóòtì lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ a ó ti bróòdṣíìtì ọdún yìí pa, orúkọ á sì lọ sí Praimárì 6.

Èmi ni tiyín,
Áńtí Praimárì 5A