Ètò Ọ̀sẹ̀ Méjìlá fún Àǹtí Rámọ́tà: Láti Orí Ìrìn dé Orí Eré Kìlómítà 5

Àǹtí Rámọ́tà, ẹ kú ìmúra. Ètò tí ẹ ní kí n kọ fún yín rèé. Mo kọ ọ́ fún ẹni tí kò sáré mọ́ láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé, tó ti pé ọmọ ọdún 44, tó sì ń jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026 la máa bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara bá ti sinmi díẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀. Àbámẹ́ta, ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà la máa parí. Lọ́jọ́ yẹn ẹ máa sá kìlómítà 5 láìdúró.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìfúnpá yín wò, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé eré lẹ fẹ́ máa sá. Bó bá ní kí ẹ dúró ná, ẹ dúró. Kò sí ẹni tó ń lé wa.

Bí ẹ ó ṣe máa sá a

Ẹ rọra sáré. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù nínú ìwé yìí, ẹ má gbàgbé èyí. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sílé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, kí ìṣẹ́jú kan tó pé wọ́n ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì gbà pé ara àwọn kò gba eré. Ara wọn gbà á. Wọ́n kàn yára jù ni. Eré tiyín gbọ́dọ̀ rọra débi pé ẹ máa lè ki oríkì ilé yín bí ẹ ṣe ń sá a, tí èémí ò ní gé e mọ́ yín lẹ́nu. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ò lè ki ìlà méjì tẹ̀léra, ẹ dín eré kù. Bí ẹni tó ń rìn bá kọjá lára yín, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ìdí wà tí mi ò fi jẹ́ kí a kánjú. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè ń mọ́ iṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ ó ti rí i pé èémí yín ti gùn sí i. Ṣùgbọ́n eegun, oríkèé àti iṣan tó so ẹran mọ́ eegun máa ń pẹ́ kí wọ́n tó le. Ìgbà tí èémí bá ti gbà yín láàyè tí ẹsẹ̀ kò tíì ṣe tán, ìgbà yẹn gan-an lèèyàn ń fara pa. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta lẹ máa jáde lọ́sẹ̀: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta. Ẹ má sáré lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀léra wọn láé, kódà bí ara bá ń yá yín.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá jáde, ìrìn ìṣẹ́jú 5 lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú 5 lẹ sì máa fi parí. Mo ti ka méjèèjì mọ́ àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ṣírò ìrìn ní mítà 90 ní ìṣẹ́jú kan, eré jẹ́jẹ́ ní mítà 130. Bí ẹ bá lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpapọ̀ yín máa dín díẹ̀, kò sì burú rárá. Aago ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ má sáré nítorí kìlómítà, àyàfi lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Ibi àti àkókò

Láti Sàngó tí ẹ wà, inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni mo fẹ́ kí ẹ máa lọ. Igi wà níbẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í pọ̀ láàárọ̀. Bí ẹ bá kírun àsùbáà tán, ẹ dúró kí ilẹ̀ mọ́ kedere, ẹ jáde ní nǹkan bí agogo 6:30. Ẹ máa gba apá òsì títì, kí ẹ lè máa kojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ooru oṣù Kẹrin kì í ṣeré, ẹ má jẹ́ kó di agogo mẹ́jọ kí ẹ tó wọlé.

Bàtà kàǹfáàsì tó fúyẹ́, tó sì fi àyè bí ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ sílẹ̀ níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, ló dára. Tọ̀kìrìkà náà ń ṣiṣẹ́, bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì jẹ lápá kan. Ṣòkòtò gígùn àti híjáàbù tí ẹ ń wọ̀ kò lè dí yín lọ́wọ́. Ẹ kàn yan aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí òógùn ń tètè gbẹ lára rẹ̀. Ẹ mu omi ife kan kí ẹ tó jáde, kí ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí dàbínù méjì bí ebi bá ń pa yín. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín di ìgbà tí ẹ bá dé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta

Ọ̀sẹ̀ 1 (láti 30 oṣù Kẹta): ẹ sáré ìṣẹ́jú 1, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2. Lẹ́ẹ̀méje. Àpapọ̀ ọ̀sẹ̀: kìlómítà 9.2.

Ìṣẹ́jú kan máa dà bí nǹkan kékeré lójú yín. Ẹ má fi kún un. Ẹ rí i pé ìkeje jọ ìkíní. Bí ìkeje bá nira ju ìkíní lọ, ẹ ti yára jù nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ 2 (láti 6 oṣù Kẹrin): ẹ sáré ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kìlómítà 9.5.

Ọ̀sẹ̀ 3 (láti 13 oṣù Kẹrin): ẹ sáré ìṣẹ́jú 2, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kìlómítà 10.6.

Ara máa ro yín láàárín àkókò yìí, pàápàá itan àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Ríro tó wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tó sì ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ara ló ń kọ́ iṣẹ́ yẹn. Èyí tó bá dúró sójú kan, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún eegun ojúgun tàbí orúnkún, tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń sáré, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin rìn nìkan. Bí kò bá lọ, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Bí àyà bá sì dùn yín, tàbí òòyì kọ́ yín, tàbí èémí kò wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti dúró, ilé ìwòsàn ni ẹ gbà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà

Ọ̀sẹ̀ 4 (láti 20 oṣù Kẹrin): ẹ sáré ìṣẹ́jú 3, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2. Lẹ́ẹ̀márùn-ún. Kìlómítà 11.3.

Ọ̀sẹ̀ 5 (láti 27 oṣù Kẹrin): ẹ sáré ìṣẹ́jú 4, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kìlómítà 11.1. Àpapọ̀ rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ 6 (láti 4 oṣù Karùn-ún): ẹ sáré ìṣẹ́jú 5, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kìlómítà 12.7.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ṣòro, ẹ tún un ṣe. Mo tẹnu mọ́ ọn. Ètò tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá kò bàjẹ́. Bí ẹ bá sì pàdánù ọjọ́ kan nítorí aṣọ ẹbí tó kún ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbìyànjú láti san án padà. Ẹ kàn mú ọjọ́ tó kàn. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ pàdánù, ẹ padà sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí ẹ dé.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yìí. Òjò wínníwínní kò ní kí ẹ má jáde, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ààrá, inú ilé ni o.

Ọ̀sẹ̀ keje sí ìkẹsàn-án

Ọ̀sẹ̀ 7 (láti 11 oṣù Karùn-ún): ẹ sáré ìṣẹ́jú 8, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kìlómítà 13.7.

Láti ìṣẹ́jú 5 bọ́ sí 8 wà lára ibi tó ga jù nínú ètò yìí. Èrò inú yín ló máa kọ́kọ́ ní kí ẹ dúró, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹfà. Ẹ má wo aago nígbà yẹn. Ẹ dín eré kù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìrìn, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ń gún yín, ẹ mí jáde lẹ́nu, kí ó gùn, nígbà bíi mẹ́wàá.

Ọ̀sẹ̀ 8 (láti 18 oṣù Karùn-ún): ẹ sáré ìṣẹ́jú 12, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2. Lẹ́ẹ̀mejì. Kìlómítà 13.1.

Ọ̀sẹ̀ 9 (láti 25 oṣù Karùn-ún): Iléyá máa bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 27, ilé á kún, ẹran á wà láti pín, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ máa jáde. Ní Ìṣẹ́gun, ẹ tún ti ọ̀sẹ̀ 8 ṣe. Ní Àbámẹ́ta, ẹ sáré ìṣẹ́jú 15 ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kìlómítà 7.2. Ìsinmi yìí máa ṣe ẹsẹ̀ yín lóore. Ẹ má kà á sí ọ̀lẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí ìkejìlá

Ọ̀sẹ̀ 10 (láti 1 oṣù Kẹfà): ẹ sáré ìṣẹ́jú 15, ẹ rìn ìṣẹ́jú 2. Lẹ́ẹ̀mejì. Kìlómítà 15.5, òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 11 (láti 8 oṣù Kẹfà): láti ibí lọ, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.
Ìṣẹ́gun: eré ìṣẹ́jú 20, ìrìn 2, eré 10.
Ọjọ́bọ̀: eré ìṣẹ́jú 25 láìdúró.
Àbámẹ́ta: eré ìṣẹ́jú 32 láìdúró.
Àpapọ̀: kìlómítà 14.2.

Ọ̀sẹ̀ 12 (láti 15 oṣù Kẹfà):
Ìṣẹ́gun: eré ìṣẹ́jú 30.
Ọjọ́bọ̀: eré ìṣẹ́jú 20, kó rọra ju ti gbogbo ìgbà lọ.
Àbámẹ́ta: kìlómítà 5.
Àpapọ̀: kìlómítà 14.2.

Bí ẹ bá parí rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ máa ti lọ nǹkan bíi kìlómítà 142.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, pápá tó ní ìlà eré ni kí a lò, kí iyàn má bàa sí lórí bó ṣe gùn tó. Yípo ìlà inú jẹ́ mítà 400, nítorí náà ẹ máa yí i po lẹ́ẹ̀méjìlá àti ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí yípo méjì àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́fà sí méje lápapọ̀. Ẹ ó fẹ́ yára, nítorí ara máa yá, ẹ má gbà fún un. Gbogbo rẹ̀ máa gba ìṣẹ́jú 38 sí 42. Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn yípo ìkẹwàá pé agbára ṣì kù, ìgbà yẹn lẹ lè fi díẹ̀ kún eré. Èmi ni máa máa ka yípo fún yín, omi sì máa wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sinmi. Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, eré ìṣẹ́jú 20 jẹ́jẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.